Orúkọ fún ẹnu ọmọ, ìpolówó fún etí òbí: bí a ṣe ń sọ ìpápánu ọmọdé lórúkọ ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ń ṣe ìpápánu ọmọdé ní oníbàárà méjì lórí ọjà kan ṣoṣo. Ọmọ ló ń jẹ ẹ́, òbí ló ń sanwó. Ọmọ kò bìkítà nípa ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ó fẹ́ kó dùn, kó máa dún lẹ́nu, kí orúkọ rẹ̀ sì rọrùn láti pè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá tó fún un lówó ń ro ti ṣúgà, ti òróró, ti àwọ̀ tí wọ́n fi pa á láró, àti bóyá owó náà tó ohun tó wà nínú ọ̀rá.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bọ̀ wá tẹ sítíkà ọjà wọn lọ́dọ̀ wa ń wá orúkọ kan ṣoṣo tí yóò bá ọmọ àti òbí sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti máa ń dàrú. Orúkọ náà á gùn, á kún fún ìlérí, ọmọ kò sì ní lè pè é délé. Ohun tí mo ti rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé ká pín iṣẹ́ náà sí méjì: orúkọ jẹ́ ti ọmọ, gbólóhùn ìpolówó tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti òbí. Lẹ́yìn náà la ó wá yẹ̀ wọ́n wò, kí orúkọ má ba ìpolówó jẹ́, kí ìpolówó má sì lé ọmọ sá.

Màá fi kókóró ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí pé oúnjẹ wa ni, gbogbo ará Abẹ́òkúta ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ní Adátán ń ṣe é fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo nínú omi gbígbóná pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, iyọ̀ àti àlùbọ́sà, ó ń fi ìyẹ̀fun gbígbẹ pò ó títí yóò fi le, ó ń yí i ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dín in. Ó ti gé e kúrú kó má ju ìka ọmọdé lọ, ó dín ṣúgà rẹ̀ kù sí ti tẹ́lẹ̀, kò sì fi àwọ̀ kankan sí i. Inú ọ̀rá kékeré ló ń dì í sí, kí ìyá lè kì í bọ inú báàgì ọmọ.

Kọ́kọ́ kọ òtítọ́ ọjà náà sílẹ̀

Kí ẹ tó ronú orúkọ kankan, ẹ mú bébà, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tí ọjà yín jẹ́ lóòótọ́. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí kò lè jẹ́. Bébà yìí la ó máa padà sí nígbà tí ọ̀rọ̀ dídùn bá fẹ́ gbé wa lọ.

Fún kókóró ìyá Adátán, apá òtítọ́ ni pé àgbàdo ni, ó kúrú, ó ń dún lẹ́nu, kò ní àwọ̀, ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀. Apá kejì ṣe pàtàkì jù. A dín in ni, nítorí náà a ò lè sọ pé kò ní òróró. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, nítorí náà a ò lè sọ pé kò ní ṣúgà. Ó le, nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Kókó tó kẹ́yìn yìí ń lé orúkọ púpọ̀ dànù kí a tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó bá ní “ìkókó” tàbí “ọmọ ọwọ́” nínú, tàbí àwòrán ọmọ tó ń rákò, yóò jẹ́ kí ìyá kan fi í fún ọmọ tó lè há lọ́fun. NAFDAC náà ní ìlànà ọ̀tọ̀ fún oúnjẹ àwọn ọmọ jòjòló, ó sì le ju ti ìpápánu lásán lọ. Ẹ má fi orúkọ ti ara yín sínú ìlànà tí ọjà yín kò bá lọ.

Kó orúkọ jọ láti orísun mẹ́rin

Ẹ má jókòó sójú kan kí ẹ máa retí orúkọ kan tí yóò já bọ́ látọ̀run. Orísun mẹ́rin ni mo máa ń lọ, mo sì máa ń kọ ohun gbogbo tó bá jáde níbẹ̀ láì tíì ṣàyẹ̀wò rẹ̀: ìró tí oúnjẹ náà ń dún, ibi tó ti wá tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe é, eré tí àwọn ọmọdé ń ṣe, àti ohun tí òbí ń fẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

Láti inú ìró, a rí “Wómúwómú”. Láti ibi tó ti wá, a rí “Kókóró Ẹ̀gbá” àti “Olúmọ”. Láti inú eré, a rí “Bojúbojú” àti “Téńté”. Láti inú ohun tí òbí ń fẹ́, a rí “Ọmọ Ọlọ́pọlọ”.

Mẹ́fà péré ni mo kọ síbí kí àlàyé má bàa gùn. Nínú iṣẹ́ gidi, kó tó ogún dáa jù, torí àyẹ̀wò tó ń bọ̀ yìí kì í ṣàánú.

Pe orúkọ náà láìní àmì ohùn

Èdè wa ní ohùn, ṣùgbọ́n fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní in. Orúkọ yín yóò jáde láìní àmì nínú àtẹ̀jíṣẹ́, lórí ìwé owó, lára kíósì, àti nínú fọ́ọ̀mù ìjọba. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà ńlá láìní àmì, kí ẹ fi han ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ sì ní kó kà á sókè.

Kókóró fúnra rẹ̀ kò yege níbi yìí. KOKORO tí kò ní àmì lè di kòkòrò lójú ẹni tí kò tíì rí ohun tó wà nínú ọ̀rá, kò sì sí ìyá tó fẹ́ rí ọ̀rọ̀ yẹn lára oúnjẹ ọmọ. A ṣì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ọ̀rá, nítorí pé orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe oúnjẹ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n a ó kọ ọ́ ní kékeré pẹ̀lú àmì rẹ̀. Kì í ṣe òun la ó fi ṣe orúkọ ńlá.

Wómúwómú dùn-ún pè, àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àgbàlagbà wò, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni nǹkan tó fọ́ wómúwómú. Oúnjẹ tó máa ń fọ́ sínú ọ̀rá nígbà tí mọ́tò bá ń gbé e láti Kútọ̀ lọ sí Lafẹ́ńwá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn. Òbí á rò pé èérún lòun ń rà.

Bojúbojú, ọmọ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ìṣòro méjì ló bá a rìn. Àkọ́kọ́, orin eré náà ń sọ pé olórò ń bọ̀, ní ìlú tí orò ti jẹ́ nǹkan gidi sì rèé, òbí mìíràn kò ní fẹ́ kí ọmọ òun máa gbé e káàkiri nílé ìwé. Èkejì ló wúwo jù lójú mi: ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ kí èèyàn fi nǹkan pa mọ́. Ìyá tó ń wá ohun tó wà nínú oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí “fi pa mọ́” lójú ọ̀rá.

Ọmọ Ọlọ́pọlọ tẹ́ òbí lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò sáré lọ sí kíósì kó ní kí wọ́n ta Ọmọ Ọlọ́pọlọ fún òun. Orúkọ tí àgbà fi ń gba ọmọ níyànjú ni. Ó tún ń ṣèlérí pé kókóró máa ń mú ọpọlọ jí pépé, bébà òtítọ́ wa kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Kókóró Ẹ̀gbá àti Olúmọ wá kù pẹ̀lú Téńté. Òfin ni yóò bá wa dá sí àwọn méjì àkọ́kọ́, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Téńté, lẹ́tà E nìkan ló wà nínú rẹ̀ ní fáwẹ́lì, kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò ní gb. Bí a bá kọ ọ́ ní TENTE, kò sí ìtumọ̀ burúkú kankan tí yóò bọ́ síbẹ̀. Sílébù rẹ̀ kéré, ó ń tún ara rẹ̀ pè, kò sì ní r, tó máa ń pẹ́ kó tó mọ́ ọmọ kékeré lẹ́nu. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò rántí eré ten-ten tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n fi ń na ẹsẹ̀ síwájú ara wọn ní àgbàlá ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ náà ṣe eré yẹn nígbà tó wà ní kékeré. Bí bàbá bá gbọ́ ọ, “lókè téńté” ló máa wá sí i lọ́kàn, níbi tí gbogbo òbí ti fẹ́ kí ọmọ òun wà. Orúkọ ọmọdé ni, síbẹ̀ kò ti àgbà lójú láti pè é ní ọjà.

Rán ọmọ níṣẹ́

Àwọn èèyàn máa ń bi ọmọdé pé, “Ṣé o fẹ́ràn orúkọ yìí?” Ìbéèrè yẹn kò wúlò fún wa. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá kò ní wo àgbàlagbà lójú kó ní rárá. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” ló máa sọ fún orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ẹ rán an níṣẹ́ dípò ìyẹn. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ òbí tàbí tíṣà àwọn ọmọ, kí ẹ sì rí bí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́sàn-án. Ẹ fi ọ̀rá lásán mẹ́ta di kókóró kan náà, kí ẹ kọ orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn lára, kí ẹ kó wọn fún ẹnì kan ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ wá sọ orúkọ kan fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré: “Jọ̀wọ́, lọ bá mi gba Téńté kan wá lọ́wọ́ àǹtí yẹn.” Ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Kó kàn kọ ohun tí ọmọ náà pè gan-an sílẹ̀, bó ti wù kó ṣì í pè tó.

Bí ọmọ bá dúró láàárín ọ̀nà láti ronú, orúkọ náà wúwo. Bó bá dé ibẹ̀ tó ń nawọ́ sí ọ̀rá láìpe orúkọ, ó ti gbàgbé. Bí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ bá ṣì í pè lọ́nà kan náà, ẹ má bínú sí wọn, ẹ kíyè sí i, torí ohun tí wọ́n pè yẹn lè jẹ́ orúkọ tó dáa jù èyí tí ẹ mú wá. Èyí tí ẹ̀ ń wá ni orúkọ tí ọmọ ọdún mẹ́rin gbé dé ọ̀hún láìfọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn láìmú ọ̀rá kankan dání, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́sí. Orúkọ tó bá jáde láìjẹ́ pé ẹ rán wọn létí ló ti wọlé sí wọn lára. Bí wọ́n bá dáhùn pé “kókóró”, orúkọ yín kò tíì wọlé.

Bi òbí léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀

Fún òbí, ẹ má bi wọ́n bóyá orúkọ dáa. Ẹ fi ọ̀rá tó ní orúkọ lára, tí wọn ò lè rí inú rẹ̀, hàn wọ́n, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: kí lẹ rò pé ó wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mélòó lẹ máa rà á fún, ṣé ẹ máa kì í bọ inú báàgì ilé ìwé ni àbí ọjọ́ ọdún nìkan lẹ máa rà á?

Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta ni mo máa ń dúró dè. Ìpápánu tí ìyá ń kì bọ báàgì láràárọ̀ ni yóò mú owó wọlé fún ìyá Adátán. Bí àwọn òbí bá rí Téńté tí wọ́n sì ń sọ pé súìtì ni tàbí ṣingọ́ọ̀mù, a jẹ́ pé orúkọ nìkan kò lè dá rìn, òun ló fà á tí a fi nílò gbólóhùn tí yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù orúkọ. Orúkọ tó wu ọmọ máa ń dún bí eré létí àgbà, iṣẹ́ ìpolówó ni láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Gbólóhùn ìpolówó: mú ìbẹ̀rù kan ṣoṣo

Àwọn ìyá wa tó ń kiri ọjà ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ẹni tó ń polówó pé “Láńgbé jinná o!” kò sọ oko tí àgbàdo ti wá, kò sọ iye, kò sọ pé ó dára fún ara. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó fẹ́ rà á ń rò ló dáhùn: ó ti jinná.

Torí náà, ẹ kọ ìbẹ̀rù àwọn òbí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lẹ́nu fúnra wọn. Fún ìpápánu àwọn ọmọ, ẹ óò máa gbọ́ pé ṣúgà ti pọ̀ jù, òróró ni gbogbo rẹ̀, a ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ó ń ba aṣọ ilé ìwé jẹ́, kì í yó ọmọ. Ẹ gbé bébà òtítọ́ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù wo ni ọjà yín yanjú tán pátápátá? Òun nìkan ni kẹ́ ẹ mú.

A ò lè mú òróró, torí a dín in. A ò lè mú ṣúgà tán. Ṣùgbọ́n “a ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é” wà ní ìkáwọ́ wa pátápátá, torí àgbàdo ni, gbogbo òbí sì mọ àgbàdo.

Ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí M&M's polówó ṣokoléètì wọn ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹnu ló ń yọ́ sí, kì í ṣe ọwọ́. Ọmọ gbọ́ adùn, ìyá gbọ́ pé aṣọ kò ní dọ̀tí. Haribo ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 pẹ̀lú gbólóhùn pé Haribo ń mú inú àwọn ọmọdé dùn, ó sì tó àwọn ọdún 1960 kí wọ́n tó fi kún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn àgbàlagbà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ọmọ ṣáájú, àgbà tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí ìlù kan tí èèyàn lè kọ lórin.

Ẹ jẹ́ ká wá kọ ti Téńté. Èyí àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ọkàn èèyàn ni “Jẹ Téńté, kó o dé téńté!” Ó dùn létí. Bí òbí bá sì bi yín pé báwo ni kókóró ṣe ń gbé ọmọ dókè, kò sí ìdáhùn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni “Téńté, oúnjẹ aṣaralóore tí ó péye fún ìdàgbàsókè àwọn ọmọ yín.” Ó gùn, ọmọ kò lè sọ ọ́, “ó péye” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó nílò ẹ̀rí láti yàrá àyẹ̀wò. Èkẹta ni “Àgbàdo tó dára, tí ó dùn fún àwọn ọmọdé.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní ìlù. Bí ẹ bá kà á tán, etí kò di nǹkan kan mú.

Àléébù èkẹta ni pé kò pín sí méjì dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká gé e: apá kan fún òbí, apá kan fún ọmọ, kí iye sílébù bára mu, kí òpin wọn sì dún bákan náà.

*Téńté! Àgbàdo ilé, adùn ọmọdé.*

Ẹ kà á sókè. Sílébù márùn-ún ni apá kọ̀ọ̀kan, ìkíní parí sí “lé”, ìkejì parí sí “dé”, ohùn òkè ni méjèèjì. “Àgbàdo ilé” ń sọ fún ìyá pé ohun tó mọ̀ ló wà nínú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ tiwa. “Adùn ọmọdé” sọ ẹni tó ni ín. Kò sí ìlérí kankan níbẹ̀ tí bébà òtítọ́ kò gbè lẹ́yìn, bí ìyá Adátán bá ń ra àgbàdo rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa lóòótọ́. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìyẹ̀fun tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ó gbọ́dọ̀ yí i padà.

Ohun tó kù tó fẹ́ sọ, bí “kò ní àwọ̀”, kó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rá. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú gbólóhùn yìí, ìlù á dàrú.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Ẹ ní kí ọmọ kan pariwo “Téńté!”, kí ìyá rẹ̀ sì fi ìyókù dáhùn, bí a ṣe ń lé orin tí a sì ń gbè é. Bí ìyá bá kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Òfin tó lè gba orúkọ lọ́wọ́ yín

Ibí yìí ló ń dun àwọn èèyàn jù, torí wọ́n á ti náwó sórí sítíkà kí wọ́n tó mọ̀. Ìforúkọsílẹ̀ okòwò ní CAC kò fún yín ní ẹ̀tọ́ lórí orúkọ ọjà. Ó kàn ń sọ pé ilé iṣẹ́ yín wà ni. Orúkọ ọjà jẹ́ ti ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ ọjà ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún un ní Àbújá. NAFDAC náà yóò béèrè ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ yìí nígbà tí ẹ bá gbé oúnjẹ yín wá fún nọ́ńbà.

Òfin náà kì í gba orúkọ tó kàn ń ṣàpèjúwe ọjà, tàbí tó kàn jẹ́ orúkọ ìlú àti ibi tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ẹnì kan gba ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣòwò nílò. Nítorí náà, Kókóró Ẹ̀gbá yóò há síbẹ̀: kókóró ni oúnjẹ náà, Ẹ̀gbá ni ibi tó ti wá. Olúmọ náà yóò ní wàhálà, àti pé àìmọye ọjà ló ti ń jẹ́ ẹ nílùú yìí, ọmọ kò ní mọ èyí tó fẹ́. Téńté kò ṣàpèjúwe àgbàdo, kò sì dárúkọ ìlú. Irú ọ̀rọ̀ tí kò bá ọjà náà tan bẹ́ẹ̀ ló máa ń lágbára jù níwájú òfin.

Ẹ gba aṣojú tó ní àṣẹ, kó kọ́kọ́ wá inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ti mú orúkọ náà tàbí èyí tó jọ ọ́. Ẹ má gba Téńté lọ́wọ́ mi láìṣe àyẹ̀wò yìí. Ìpele kọkàndínlọ́gbọ̀n àti ọgbọ̀n ni a máa ń wá fún ìpápánu: èyí tí a fi ìyẹ̀fun ọkà ṣe, bí kókóró, wà ní 30, èyí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà ṣe sábà máa ń wà ní 29. Bí wọ́n bá gba orúkọ yín, ẹ óò gba ìwé ìtẹ́wọ́gbà, wọn yóò sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọ́fíìsì náà, kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè sọ ọ́ láàárín oṣù méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ẹ̀rí gidi. Ọdún 7 ni ó kọ́kọ́ máa ń lò, bí ẹ bá tún un ṣe, ọdún 14.

Ẹ fi í sílẹ̀ ní lẹ́tà lásán, TENTE, láìsí àwòrán. Bí ẹ bá fi àwòrán ọ̀rá yín pọ̀ mọ́ ọn, tí ẹ sì yí àwòrán padà lọ́dún mẹ́ta òní, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Fún ìpolówó, òfin NAFDAC kò fẹ́ kí ohun tó wà lára oúnjẹ ṣi èèyàn lọ́nà. “Ń wo”, “ń dènà àìsàn”, “ń mú ọpọlọ gbóòrò”, ẹ yẹra fún gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé orin Téńté sórí rédíò, bóyá OGBC tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tó wà ní Abẹ́òkúta, ARCON, àjọ tí òfin ọdún 2022 fún lágbára lórí ìpolówó, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.

Ojú ọ̀rá

Ẹ ní kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ TÉŃTÉ pẹ̀lú àmì rẹ̀, kó tóbi tó kí ọmọ tó dúró lẹ́yìn kíósì lè rí i. Orúkọ yìí ní oore kan tí àwọn tó ń tẹ̀wé mọ̀: é àti ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí odidi lẹ́tà kan, wọn kì í já sọnù. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti kíkán nísàlẹ̀, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, ló máa ń ya ara rẹ̀ tàbí kó di àpótí òfìfo nígbà tí wọ́n bá gbé e láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà “ọmọdé” nínú ìpolówó wa ní kíkán méjì, nítorí náà, ẹ béèrè fún ẹ̀dà kan tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà kí wọ́n tó tẹ ìyókù, kí ẹ fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ orúkọ ni kí “kókóró àgbàdo” wà, lẹ́yìn náà ni ìpolówó. NAFDAC ń fẹ́ kí ohun tó ṣe pàtàkì lára oúnjẹ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè fi Yorùbá kún un: orúkọ oúnjẹ náà, ohun tí ẹ fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì yín, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, nọ́ńbà ìdì, àti nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ fi ààyè gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹ tó pinnu bí ìpolówó yóò ṣe tóbi tó, torí ojú ọ̀rá kékeré tètè máa ń kún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sítíkà lórí ọ̀rá lásán. Ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ sí lára gan-an máa ń béèrè kí èèyàn ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó ẹ̀rọ rẹ̀ sì wọ́n. Kò yẹ kẹ́ ẹ ná an sórí orúkọ tí ìwé ìtẹ́wọ́gbà rẹ̀ kò tíì dé.

Nígbà tí ọjà bá ti wà níta fún bí oṣù mẹ́ta, ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíósì kan nítòsí ilé ìwé ní Ìbàrà tàbí Aṣérò ní àkókò ìsinmi, kí ẹ sì fetí sí bí wọ́n ṣe ń bèèrè fún un. Bí ọmọ bá ní “ẹ ta Téńté fún mi, mà”, orúkọ ti dúró, ẹ lọ tẹ ọ̀rá. Bí wọ́n bá ní “ẹ ta kókóró aláwọ̀ pupa yẹn fún mi”, àwọ̀ ọ̀rá ni wọ́n mọ̀, ẹlòmíràn sì lè fi ọ̀rá pupa gbà wọ́n lọ́wọ́ yín lọ́la. Ẹ jẹ́ kí orúkọ tóbi sí i lójú ọ̀rá, kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á máa pe orúkọ náà padà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń nà án sí i, kí ẹ sì padà lọ gbọ́ ọ lẹ́yìn oṣù kan.